Àkọsílẹ̀ ìpàdé àdúgbò: èwo ni kí akọ̀wé yàn nínú ọ̀nà mẹ́ta yìí?

Akọ̀wé tuntun kan ní àdúgbò tó múlé tì wá bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ni kí n máa kọ, àbí ibi tí ọ̀rọ̀ já sí nìkan?" Ìbéèrè gidi ni. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Sídíeè, ní ẹ̀yìn odi Ìbàdàn níbí. Mo ti kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ní ọ̀nà mẹ́ta láàárín ọdún wọ̀nyí, kò sì sí èyí tí kò já mi kulẹ̀ rí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà mo fẹ́ fi wọ́n wéra níbí, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bírò lọ́wọ́ akọ̀wé àná lè mọ èyí tó máa mú.

Ọ̀nà kìíní ni kíkọ gbogbo àsọyé: ẹni tó sọ̀rọ̀, ohun tó sọ, ẹni tó dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà akọ̀wé ṣe kọ́ wa. Ọ̀nà kejì ni kíkọ ìpinnu nìkan, pẹ̀lú ẹni tó dá àbá àti ẹni tó kín in lẹ́yìn. Ọ̀nà kẹta ni tábìlì iṣẹ́, níbi tí ìpinnu kọ̀ọ̀kan ti ní nọ́ńbà, ẹni tó ni iṣẹ́ náà, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí, àti àyè tí a ó kọ ibi tó dé sí. Wọ́sáàpù náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò kà á mọ́ àkọsílẹ̀. Màá sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Ọ̀rọ̀ kan náà, ìwé mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìpàdé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní Sátidé ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 2025 ni, nínú ààwẹ̀ Rámádáánì. Kọ́fátì tó wà lẹ́nu àdúgbò ti là sí méjì, ọkọ̀ tó ń gbé omi tà kò lè wọlé mọ́, òjò sì ti ń ṣú. Ilé 42 ló wà nínú ẹgbẹ́. Wọ́n jiyàn fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó fẹnu kò. Nọ́ńbà ilé ni mo fi pe àwọn ènìyàn nínú àpẹẹrẹ yìí; nínú ìwé ẹgbẹ́ yín, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ilé pa pọ̀, nítorí pé Bàbá Ìbejì lè tó mẹ́ta ládùúgbò kan.

Akọ̀wé tó ń kọ gbogbo àsọyé yóò kọ báyìí:

"Alága sọ pé ọ̀rọ̀ kọ́fátì ti ń di ìtìjú fún wa. Ìyá ilé 9 ní ọmọ òun ti já sínú rẹ̀ lálẹ́. Onílé 23 ní kí a kọ́kọ́ lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ ná. Bàbá ilé 4 dá a lóhùn pé lẹ́tà méjì ti lọ, èsì kò tíì wá. Akápò ní ₦38,000 péré ló wà nílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn, ilé fẹnu kò pé kí ilé kọ̀ọ̀kan dá ₦15,000, kí ìgbìmọ̀ iṣẹ́ sì tètè bójú tó o."

Akọ̀wé tó ń kọ ìpinnu nìkan yóò kọ báyìí:

"Ìpinnu: ilé kọ̀ọ̀kan yóò san ₦15,000 fún àtúnṣe kọ́fátì. Ilé 4 ló dá àbá, ilé 31 kín in lẹ́yìn. Ilé 23 nìkan ló tako ó."

Tábìlì iṣẹ́ ní tirẹ̀ yóò rí báyìí. Òpó tó gbẹ̀yìn ṣófo lọ́jọ́ ìpàdé. Ní ìpàdé ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ni a kọ ọ́.

| Nọ́ńbà | Ohun tí a pinnu | Ẹni tó ni iṣẹ́ | Ọjọ́ ìparí | Ibi tó dé ní 12/4/2025 |
|---|---|---|---|---|
| 3/2025/1 | Ilé 42 yóò san ₦15,000 kọ̀ọ̀kan sínú àkáǹtì ẹgbẹ́, àpapọ̀ ₦630,000 | Akápò | Sátidé 5/4/2025 | Iye ilé tó ti san jẹ́ 31, ₦465,000. Ó ku ilé 11, ₦165,000 |
| 3/2025/2 | Kí a gba iye owó iṣẹ́ ní kíkọ lọ́wọ́ bíríkìlà mẹ́ta | Onílé 17 | Sátidé 22/3/2025 | Ó parí. A mú ti ₦585,000 |
| 3/2025/3 | Kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ tí ₦450,000 bá ti pé, kí kọ́fátì sì parí | Igbákejì alága | Sátidé 19/4/2025 | Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ 7/4, wọ́n da kọnkéré 11/4. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gun orí rẹ̀ títí di 25/4 |

Ẹ wo ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa. Ká ní ẹ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí ẹ sì fẹ́ mọ ẹni tí ẹ máa bi nípa bíríkìlà. Ìwé àkọ́kọ́ yóò sọ fún yín pé ìgbìmọ̀ iṣẹ́ ni, wọn yóò sì "tètè" bójú tó o. Ìwé kejì kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìwé kẹta nìkan ló ní kí ẹ lọ kan ilẹ̀kùn ilé 17 lẹ́yìn ọjọ́ 22 oṣù kẹta. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn nìyẹn, ó sì tó fún mi láti sọ pé tábìlì ni kí àdúgbò tó bá ń dá owó, tó sì ń ṣe iṣẹ́, fi ṣe ìpìlẹ̀.

Ibi tí tábìlì ti máa ń já ènìyàn kulẹ̀

Tábìlì kò ní agbára kankan tí ohun tí a kọ sínú òpó "ẹni tó ni iṣẹ́" bá dà bí omi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, mo kọ "ìgbìmọ̀ iṣẹ́" síbẹ̀ fún ọ̀rọ̀ géètì kan. Àwọn márùn-ún ni. Nígbà tí oṣù yípo, tí mo ka ìlà yẹn sókè, mo rí i bí wọ́n ṣe ń wo ojú ara wọn. Oníkálukú rò pé ẹnìkejì ti lọ bá wẹ́dà sọ̀rọ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ, èmi ni n kò kọ orúkọ ẹnì kan. Láti ọjọ́ náà, bí ènìyàn mẹ́wàá bá tilẹ̀ máa ṣe iṣẹ́ kan, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń kọ. Akápò kọ́ ló máa gba owó lójúlé kọ̀ọ̀kan nínú àpẹẹrẹ wa yìí. Àwọn aṣojú òpópónà ni. Ṣùgbọ́n akápò ni a ó dojú kọ pé mélòó ló wọlé.

Ẹni tí kò wá sípàdé náà ń fa wàhálà. Ó rọrùn kí ilé kígbe pé "Ẹ fún Ẹ̀njíníà ilé 28, òun ló mọ̀ nípa rẹ̀." Ẹ̀njíníà wà níbi iṣẹ́ ní Ṣàgámù, kò gbọ́ nǹkan kan. Bí ẹ bá kọ orúkọ rẹ̀ láìbi í, ẹ ti kọ ìjà sílẹ̀ fún oṣù tó ń bọ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá kọ orúkọ rẹ̀, màá fi "a ó bi í" sí i, màá sì kọ orúkọ ẹni tó máa bi í àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ mú èsì wá. Bí ó bá gbà, mo fa ìlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló tún wá le jù. "Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé" dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìpàdé àdúgbò máa ń yẹ̀. Ìsìnkú lè bọ́ sí i, òjò lè dí i lọ́wọ́, ọdún lè kó gbogbo ènìyàn lọ sílé. Ìpàdé bá yẹ̀, gbogbo iṣẹ́ tó so mọ́ ọn yẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì ronú sí i. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí ìparí oṣù gan-an, àsìkò tí owó oṣù ń wọlé. Bí ẹ bá ní kí ènìyàn san ₦15,000 ní ọjọ́ 29, ẹ ń bá aṣọ ọmọ àti ẹran ọdún du owó kan náà. Ìdí nìyí tí ọjọ́ 5 oṣù kẹrin fi bọ́gbọ́n mu: owó oṣù ti wọlé, ọdún ti lọ, òjò ńlá kò sì tíì dé.

Ẹ tún wo ìlà kẹta. Kò sọ pé "kí a bójú tó kọ́fátì." Ó sọ iye owó tó gbọ́dọ̀ pé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì sọ ohun tí a ó fojú rí tí iṣẹ́ bá parí. Ọ̀rọ̀ bíi "bójú tó", "ṣèwádìí" àti "tẹ̀lé e" kò ní òpin. Ẹni tó lọ wo kọ́fátì lẹ́ẹ̀kan tó sì padà wálé lè sọ pé òun ti bójú tó o, kò sì parọ́. Bí n kò bá lè fojú inú wo bí èmi àti ẹni náà ṣe máa gbà pé iṣẹ́ ti tán, mo mọ̀ pé ìlà náà kò tíì pé.

Ibi tí àsọyé gígùn ti borí

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé kí a sun àkọsílẹ̀ onígbà pípẹ́ wa níná. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà níbẹ̀. Ní àdúgbò tí mo ti gbé rí, bàbá kan yọ̀ǹda igun ilẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n gbé tiransifọ́mà sí. Ìpinnu nìkan ni akọ̀wé ìgbà náà kọ: "Tiransifọ́mà yóò wà ní ilé 12." Bàbá kú. Àwọn ọmọ dé, wọ́n ní àyálò ni bàbá àwọn fi ṣe, kì í ṣe ẹ̀bùn, wọ́n sì fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ìwé ẹgbẹ́ kò ní gbólóhùn kan tó sọ ohun tí bàbá sọ lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ bí igun náà ṣe fẹ̀ tó. Àwọn tó gbọ́ ọ létí ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n parí ìjà náà nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Fún ẹ̀bùn ilẹ̀, fún ààlà, fún ẹ̀sùn tí ọmọ ẹgbẹ́ kan fi kan òmíràn, fún yíyọ òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ nípò, ẹ kọ àsọyé náà ní kíkún, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ni nǹkan gan-an bó ṣe sọ ọ́. Ẹ ka a fún un létí gbogbo ènìyàn, kí ó fọwọ́ sí i lábẹ́ rẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì náà fọwọ́ sí i. Kí ẹ sì ṣe ìwé ẹ̀bùn gidi lọ́dọ̀ lọ́yà lẹ́yìn náà, nítorí pé ìwé ìpàdé kì í ṣe ìwé ilẹ̀.

Àsọyé tún wúlò fún ìdí. Bí ilé bá pinnu pé kọnkéré ni kí a fi ṣe kọ́fátì dípò páìpù, tí kò sì sí ẹni tó kọ ìdí rẹ̀, alága tuntun yóò tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde lọ́dún méjì sí i, a ó sì tún jiyàn kan náà. Gbólóhùn méjì péré tó: "A yan kọnkéré nítorí pé ọkọ̀ omi máa ń kọjá. Páìpù tí a fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fọ́." Kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó tako, bó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Onílé 23 lẹ́tọ̀ọ́ kí ìwé fi hàn pé òun ní kí a dúró de ìjọba ìbílẹ̀.

Ohun tí kò yẹ kó wọ ìwé ni èébú, ẹ̀dùn ọkàn àti ẹ̀fẹ̀. Mo ti rí ìwé kan tí akọ̀wé kọ ọ́ sí pé "Onílé kan ní olè ni akápò." Wọ́n ka a sókè níwájú ìyàwó akápò. Bí ẹ̀sùn bá wà, ẹ kọ ọ́ bí ẹ̀sùn: ohun tó ń bi léèrè, ìwé owó tó fẹ́ rí, ẹni tó máa mú un wá, àti ọjọ́ rẹ̀.

Ìpinnu nìkan: fún ta ni?

Ọ̀nà kejì yìí ni báńkì àti ìjọba fẹ́ràn. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí àkáǹtì ẹgbẹ́ tàbí pààrọ̀ àwọn tó ń fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì, báńkì yóò béèrè fún ìpinnu ìpàdé, tí alága àti akọ̀wé fọwọ́ sí. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní Àbújá gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tó ní àwọn alámòójútó, wọ́n máa ń béèrè àyọkà láti inú àkọsílẹ̀ ìpàdé tí a ti yan àwọn alámòójútó náà, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó wá, àwọn tí kò wá, àti bí ìbò ṣe lọ. Kò sí ẹni tó fẹ́ ka ọ̀rọ̀ ọmọ tó já sínú kọ́fátì níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má fi í ṣe ìwé tí ẹgbẹ́ ń lò lóṣooṣù. Ẹ máa yọ ọ́ jáde nínú ìwé ńlá nígbà tí ẹnikẹ́ni bá béèrè. Orúkọ àti iye àwọn tó wá gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé ńlá náà kí èyí tó ṣeé ṣe. Bí òfin ẹgbẹ́ yín bá sọ iye ènìyàn tó gbọ́dọ̀ pé kí ìpinnu tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí ẹ kò sì kọ iye tó wá, ẹni tí kò fẹ́ san ₦15,000 rẹ̀ yóò di ibẹ̀ mú.

Wọ́sáàpù àti ìwé ẹlẹ́yìn líle

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa fẹ́ ká fi Wọ́sáàpù rọ́pò ìwé pátápátá. Mo gbọ́ ọ, mo sì gbìyànjú rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Ìpinnu wọ ibẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kó tó di aago mẹ́sàn-án, ìkíni ọjọ́ ìbí, àdúrà àti fídíò ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó yí fóònù padà lè má rí tàná mọ́. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà lè pa á rẹ́. Ìdí nìyí tí n kò fi kà á mọ́ àkọsílẹ̀.

Ṣùgbọ́n fún ìránnilétí, kò sí ohun tó dára tó o. Mo máa ń ya fọ́tò tábìlì náà lálẹ́ ọjọ́ ìpàdé, màá fi í ránṣẹ́, lẹ́yìn náà ni màá fi ohùn mi ka á ní Yorùbá fún àwọn ìyá àti bàbá wa tí lẹ́tà kéékèèké ń yọ lẹ́nu. Tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta kí gbèdéke kan pé, màá kọ sí ẹni tó ni iṣẹ́ náà nìkan, kì í ṣe sí gbogbo ilé. Ẹni tí a bá rán létí ní kọ̀rọ̀ máa ń ṣe é. Ẹni tí a bá rán létí ní gbangba máa ń wá àwáwí.

Ìwé gidi ni ìwé ẹlẹ́yìn líle tí ẹ kọ nọ́ńbà sí gbogbo ojú ewé rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà, ẹ fa ìlà kan sọdá rẹ̀, ẹ kọ èyí tó tọ́ sókè, kí alága fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà tí ìpàdé tó tẹ̀lé e bá fọwọ́ sí àkọsílẹ̀. Ẹ má fi ohun ìparẹ́ funfun kàn án. Ibi tí a bá kùn ní funfun nínú ìwé owó, ìfura ló máa hù níbẹ̀.

Nípa èdè, mo kọ ti tèmi ní Yorùbá. Fún ọdún méjì àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, tí mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ sókè nígbà tí mo bá ń kà á. Ìtumọ̀ ọjọ́ kan kì í bá ti ọjọ́ kejì mu. Ní báyìí, bí báńkì bá béèrè, ìpinnu tí wọ́n fẹ́ nìkan ni mo ń túmọ̀.

Bí mo ṣe ń pa wọ́n pọ̀ báyìí

Fún ẹgbẹ́ tó tó tiwa, ojú ewé méjì ni ìpàdé kan ń gbà. Ojú ewé òsì ní ọjọ́, àwọn tó wá, àti gbólóhùn méjì sí mẹ́rin lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, pàápàá ìdí tí a fi ṣe ìpinnu. Ojú ewé ọ̀tún ni tábìlì. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ẹ̀sùn bá yọjú, màá ṣí ojú ewé tuntun fún un. Bí àdúgbò yín kò bá ju ilé mẹ́wàá lọ, tí ẹ kò sì ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ ju mẹ́gáàdì àti iná ojú pópó lọ, tábìlì nìkan tó yín.

Inú ìpàdé gan-an ni iṣẹ́ náà wà, kì í ṣe inú ilé lálẹ́. Kí alága tó pe ọ̀rọ̀ tó kàn, mo máa ń gbé ọwọ́ sókè, màá ní, "Ohun tí mo ń kọ rèé," màá sì ka ìlà náà. Bí orúkọ tàbí ọjọ́ kò bá sí níbẹ̀, àìsí rẹ̀ máa ń hàn lójú ẹsẹ̀, àwọn ènìyàn á sì parí rẹ̀ fúnra wọn. Alága wa kọ́kọ́ rò pé mò ń fa àkókò gùn. Ìṣẹ́jú kan ni, bóyá méjì tí ọ̀rọ̀ owó bá wà nínú rẹ̀.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn àdúrà, òpó tó gbẹ̀yìn ni a kọ́kọ́ ń kún. Ẹ rántí àwọn ilé 11 tí kò tíì san. A kò fa ìlà 3/2025/1 pa, a kò sì fún un ní nọ́ńbà tuntun. Nọ́ńbà rẹ̀ bá a wọ oṣù kẹrin, pẹ̀lú orúkọ akápò, ọjọ́ tuntun, àti ọjọ́ àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá tún wọ oṣù karùn-ún, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ìwé yóò sì rí iye ìgbà tí a ti sún un síwájú.